Àga Méjì Ló Wà Lórúkọ Yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló kù kí n ṣe ìgbéyàwó níbí ní Òṣogbo. Gbọ̀ngàn tí a gbà fún àpèjẹ kò gbà ju èèyàn 180 lọ. A ò fẹ́ kí wọ́n kó ọmọdé wá, a ò sì fẹ́ kí ẹni tí a pè tún mú ẹlòmíì lẹ́yìn. Màmá mi ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ sínú káàdì, pé ìwọ̀sí ni. Báwo la ṣe lè kọ ọ́ ní Yorùbá tí kò fi ní dun ẹnikẹ́ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìdajì ọ̀rọ̀ màmá rẹ òótọ́ ni. Ọ̀nà kan wà tí èèyàn lè gbà kọ ọ́ tí yóò di ìwọ̀sí, èmi gan-an sì ti fọwọ́ ara mi tẹ irú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ káàdì, oníbàárà kan kọ tirẹ̀ wá báyìí pé: “Kò sí àyè fún ọmọ.” Mo tẹ ẹ́ bó ṣe kọ ọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé e délé ni ìyá ọkọ gbé gbogbo páálí náà padà wá, wọ́n gbé e ka orí tábìlì mi, wọ́n ní: “Ta ló bẹ̀ ọ́ pé kí o bá mi gégùn-ún fún ìyàwó ọmọ mi?” Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń bọ̀ níbi ìgbéyàwó yẹn ló máa gbàdúrà pé ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mọ ẹní, káàdì tó pè wọ́n wá ló wá ń sọ pé kò sí àyè fún ọmọ. Owó ara mi ni mo fi tẹ òmíràn.

Nítorí náà, lórí káàdì ìgbéyàwó, “kò sí”, “a kò fẹ́” àti “a kò gbà” kò gbọ́dọ̀ fara kan “ọmọ”. Bó ti wù kí o fi ẹ̀bẹ̀ yí i ká tó, etí àgbà á kọ́kọ́ gbọ́ èyí tó burú.

“Ọmọ” fúnra rẹ̀ tún ní wàhálà tirẹ̀, torí pé kò lọ́jọ́ orí. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ṣì jẹ́ ọmọ nílé bàbá rẹ̀. Bí o bá kọ ọ́ pé kí wọ́n fi ọmọ sílé, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó ti pé ọgbọ̀n ọdún, tó ti rán aṣọ ẹbí, á máa bi ìyá rẹ̀ bóyá òun náà wà nínú àwọn tí wọ́n ní kó jókòó sílé. Àwọn mìíràn á wá sá gba ọ̀nà kejì, wọ́n á kọ “fún àwọn àgbàlagbà nìkan”. Ìyẹn náà kò dára, torí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ kàwé á rò pé àpèjẹ àwọn arúgbó ni. Ọjọ́ orí ni kí o kọ. “Àwọn tó ti pé ọdún 18” kò ní ìtumọ̀ méjì, kò sì gégùn-ún fún ẹnikẹ́ni.

Ohun kejì tó ń da káàdì Yorùbá láàmú ni ọ̀wọ̀ wa. Bí o bá kọ ọ́ pé “a fi tayọ̀tayọ̀ pè yín”, èèyàn mélòó lo pè? Ìyáàfin Lágbájá nìkan lo ní lọ́kàn, o kàn ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni. Ṣùgbọ́n “yín” tí à ń fi bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan náà là ń lò fún ogún èèyàn. Ẹni tó kó ọmọ mẹ́rin àti àbúrò ìyàwó rẹ̀ wá kò purọ́ tó bá ní “yín” lòun rí. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé ibi tí “ẹ” tàbí “yín” bá wà lórí káàdì, kí iye èèyàn wà nítòsí rẹ̀. Dípò “à ń retí yín”, kọ “ẹ̀yin méjèèjì là ń retí”. Bó bá jẹ́ ẹnì kan, kọ “àga 1 ló wà lórúkọ yín”. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, iye náà sì wà níbẹ̀.

Orúkọ tí o kọ sójú àpò káàdì ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Ọ̀nà tí à ń gbà pe ara wa ti kó ọmọ mọ́ ọn láti ilẹ̀. Bí o bá kọ “Ìyá Táíwò” síbẹ̀, o ti pe Táíwò, ó sì ṣeé ṣe kí Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e. Bí o bá kọ “Ìdílé Lágbájá” tàbí “Àlàájì Lágbájá àti ẹbí”, agboolé kan lo pè yẹn o. Bí èèyàn ogún bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, káàdì rẹ ló kó wọn wá. “Àlàájì àti ìyàwó wọn” náà ní ejò nínú: bí Àlàájì bá ní ìyàwó mẹ́ta, o ti dá ìjà sílẹ̀ nílé wọn kí ìgbéyàwó tìrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ màmá rẹ bí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe rí, kí o pinnu àwọn tí ò ń pè níbẹ̀, kí o sì kọ orúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ àwọn tí kò tíì ṣègbéyàwó, ìlànà tèmi ni pé bí ìdílé bá ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ fún wọn, kí o kọ orúkọ àfẹ́sọ́nà wọn mọ́ tiwọn. Bí wọn kò bá tíì ṣe é, ẹnì kan ni. Ìlànà mìíràn lè wù ọ́, ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí o bá mú, má yí i padà nítorí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ rẹ méjì tí ọ̀kan rí àga méjì gbà tí èkejì rí ẹyọ kan, wọ́n á fi káàdì wọn wéra ni.

Ẹlòmíì á sọ fún ọ pé kò yẹ kí a là á mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀, ojú wà níbẹ̀, ohùn wà níbẹ̀, àwọn ló ń parí àbọ̀ yòókù. Bébà ò lójú. Mo ti rí káàdì tí wọ́n kọ ọ́ sí pé “ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé ibi tí a ó lò kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi”, wọn ò sì sọ nǹkan kan mọ́. Ẹni tó kà á gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún ọkọ àtìyàwó ní ilé ńlá, ó kó ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, ó gbọ̀nà.

Má kọ òfin yìí sójú káàdì ńlá. Àwọn òbí ló ni ojú káàdì ńlá, àwọn ló ń pe èèyàn, orúkọ wọn ló ṣáájú, ọ̀rọ̀ ìdùnnú nìkan ló yẹ níbẹ̀. Káàdì kékeré kan, tó tó ìdajì ti ńlá, tí ẹ jọ fi sínú àpò kan náà, ni kí o kọ ọ́ sí. Ibi tí ọ̀rọ̀ màmá rẹ ti jẹ́ òótọ́ nìyí, ó sì ṣeé ṣe kí inú wọn rọ̀ bí wọ́n bá rí i pé ojú káàdì tiwọn mọ́ tónítóní.

Ìdí mìíràn wà fún káàdì kékeré. Yìgì tàbí ìsìn ìgbéyàwó kì í ṣe ibi tí à ń ka èèyàn wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wá wo ìyàwó ní mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì á wá, tọmọtọmọ, ẹ kò sì lè lé e. Òfin rẹ kò kọjá ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, nítorí náà jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà “gbọ̀ngàn” wà nínú gbólóhùn, kí ẹnì kan má bàa rò pé o ní kí ọmọ òun má wọ ilé Ọlọ́run. Bí ẹ bá sì ń ṣe ìdáná nílé bàbá rẹ, má fi òfin kankan kàn án. Ọmọ ilé yẹn ni àwọn ọmọ náà.

Fún tọkọtaya, mo máa ń kọ ọ́ báyìí:

“Ọ̀gbẹ́ni àti Ìyáàfin Lágbájá,
Àga 2 ló wà lórúkọ yín ní gbọ̀ngàn àpèjẹ. Ẹ̀yin méjèèjì là ń retí.
Nítorí bí gbọ̀ngàn náà ṣe mọ, àwọn tó ti pé ọdún 18 ni a fi ìjókòó ibẹ̀ mọ sí. Ẹ bá wa kí àwọn ọmọ wa nílé, ẹ ní a ń gbàdúrà fún wọn.
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fèsì kí ó tó di ọjọ́ … oṣù …: èèyàn … nínú 2 ni yóò wá.”

Fún ẹni tó ń bọ̀ ní òun nìkan:

“Ìyáàfin Lágbájá,
Àga 1 ló wà lórúkọ yín ní gbọ̀ngàn àpèjẹ. Ẹ̀yin gan-an là ń retí.
Gbogbo ìjókòó gbọ̀ngàn náà ló ti ní orúkọ, nítorí náà ẹni tó ni káàdì yìí nìkan ni ó lè gbà wọlé. Ẹ bá wa gbà á bẹ́ẹ̀.
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fèsì kí ó tó di ọjọ́ … oṣù ….”

Wo bí wọ́n ṣe tò. Àga ló kọ́kọ́ wọlé, orúkọ àlejò sì wà lára rẹ̀, kí àlejò mọ̀ pé wọ́n ti ro tòun kí wọ́n tó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ mọ sí. Gbọ̀ngàn ló ru ẹ̀bi, kì í ṣe ìwọ àti ọkọ rẹ. Òótọ́ sì ni, 180 ni. Bí gbọ̀ngàn yín bá gba 500 ni, mi ò ní jẹ́ kí o kọ gbólóhùn yẹn, torí àwọn ará Òṣogbo ti jókòó nínú gbogbo gbọ̀ngàn ìlú yìí, wọ́n mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Nínú ìkíni náà, “àwọn ọmọ wa” ni mo kọ, n kò kọ “àwọn ọmọ yín”. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹni tó pe ọmọ mi ní ọmọ tirẹ̀ kò lè jẹ́ pé ó ń kórìíra rẹ̀. Ìkíni yẹn ló sì ń jẹ́ kó yé wọn pé ilé ni àwọn ọmọ á wà.

“Èèyàn … nínú 2” ni mo fẹ́ràn jù. RSVP, àwọn lẹ́tà mẹ́rin tí àwọn Faransé fi ń bẹ̀bẹ̀ èsì, tí gbogbo wa ń dà kọ sí ìdí káàdì, kò sọ iye. Ẹni tó bá fèsì sí i á ní “a ń bọ̀ o”, ìwọ ò sì mọ mélòó ni “a”. Níbi tí mo ti fi àlàfo sílẹ̀ yìí, ẹni tó fẹ́ mú èèyàn mẹ́rin wá gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ 4 síwájú “nínú 2”, ọwọ́ á sì rọ̀ ọ́ níbẹ̀.

Jẹ́ ká ṣe ìṣirò tìrẹ, kí màmá rẹ rí i pé kì í ṣe ahun. Nínú àga 180, yọ 10 fún tábìlì àwọn òbí àti ọkọ àtìyàwó, ó ku 170. Ká ní káàdì 112 lo fẹ́ tẹ̀: 52 fún tọkọtaya, 60 fún àwọn tó ń bọ̀ ní àwọn nìkan. Ẹni tó bá ń ka káàdì á rò pé àyè ṣì pọ̀. Èèyàn 164 ni, àga 6 péré ló ṣẹ́ kù. Bí o kò bá kọ nǹkan kan, tí ẹni 60 yẹn mú ẹnì kọ̀ọ̀kan dání, o ti bọ́ sí 224. Bí ìdajì àwọn tọkọtaya bá kó ọmọ méjì-méjì wá, ó di 276, èèyàn 106 ló sì máa dúró ní gbọ̀ngàn pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Fi ìwé ìṣirò náà han màmá. Àwọn ìyá wa kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú, ṣùgbọ́n ohun tí wọn kò fẹ́ jùyẹn lọ ni kí ẹ̀gbọ́n àgbà dúró láìrí ìjókòó.

Má tíì pín àga 6 yẹn fún ọ̀rẹ́ kankan. Ti àwọn tí òfin kò mú ni. Ìyá àgbà tí kò lè dá rìn gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń mú wọn lọ́wọ́. Kọ orúkọ onítọ̀hún mọ́ tiwọn, kó di àga 2. Bí o bá ń pe ìjòyè, má fi káàdì kékeré sínú tiwọn rárá. Ìjòyè kì í dá rìn. Ní kí bàbá rẹ fọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó súnmọ́ wọn, èèyàn mélòó ló ń bọ̀, kí o sì fi wọ́n sínú iye rẹ. Abiyamọ tó bá pè pé òun ń fún ọmọ lọ́mú, gbà fún un, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ọmọ yẹn á wà, kò gba àga. Ṣùgbọ́n lórí fóònù nìkan ni kí o ti gbà á, má kọ ọ́ sínú káàdì. “Àfi ọmọ ọmú”, bí wọ́n bá kọ ọ́ sórí bébà, máa ń dàgbà lọ́nà. Kó tó dé gbọ̀ngàn, á ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin.

Àwọn ọmọ tó ń gbé òrùka àti òdòdó ńkọ́? Wọ́n á wà níbẹ̀, àwọn èèyàn á sì rí wọn. Méjì tó. Bí wọ́n bá di mẹ́fà, kò sẹ́ni tó máa gbà pé gbọ̀ngàn ló kéré.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí o ní yìí tó, bí o bá bẹ̀rẹ̀ báyìí. Jẹ́ kí káàdì wà lọ́wọ́ àwọn àlejò nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méje, kí ọjọ́ èsì jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbéyàwó. Àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó tàbí Ìlọrin ló nílò àkókò yẹn jù, torí wọ́n ní láti wá ẹni tí wọ́n á fi ọmọ tì, wọ́n sì lè má rí i. Irú wọn ni kí o bá wá ilé ìbátan kan, bóyá ní Òkè-Fìà tàbí ibikíbi tó súnmọ́ gbọ̀ngàn, kí àbúrò kan tó gbọ́n dúró ti àwọn ọmọ níbẹ̀, kí oúnjẹ wọn wà. Bí ọjọ́ yín bá sì bọ́ sí oṣù kẹjọ, lásìkò ọdún Ọ̀ṣun, fi èyí sọ́kàn dáadáa. Ìlú á kún, ọ̀pọ̀ á sì fẹ́ kó gbogbo ilé wá kí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ kan dé etí odò.

Láìka gbogbo ìwọ̀nyí sí, ẹnì kan á fèsì pé mẹ́rin nínú méjì. Má pè é fúnra rẹ. Ọmọ kékeré kì í pe àgbà kó máa ka àga fún un. Ẹni tó jẹ́ ẹgbẹ́ onítọ̀hún nínú ìdílé ni kó pè, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ tàbí àbúrò bàbá rẹ, kó sì pè kíákíá, kó má jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó. Ohun tí wọ́n á sọ kò ju èyí lọ: “Ẹ̀gbọ́n, a rí èsì yín, inú wa dùn. Ẹ̀yin méjèèjì ni àga wà fún ní gbọ̀ngàn. Ẹ kó àwọn ọmọ wá sí yìgì láàárọ̀, ká jọ ya fọ́tò, kí ẹ̀yin méjèèjì wá bá wa jẹun lọ́sàn-án.” Ẹ kíyè sí i pé ohun tí wọ́n fún wọn ló ṣáájú ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn.

Aṣọ ẹbí tún ńkọ́, o kò bi mí, ṣùgbọ́n òun ló ń ba káàdì tó dára jẹ́ jù. Lójú wa, ẹni tó ra aṣọ ti gba ìwé ìpè. Bí ẹ bá ta aṣọ fún èèyàn 250, kò sí gbólóhùn tí mo lè bá ọ tẹ̀ tí yóò sọ wọ́n di 164. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé, má ta aṣọ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ rà fún àwọn ọmọ rẹ̀, sọ ibi tí aṣọ náà mọ kó tó san owó: ìdáná àti yìgì.

Káàdì orí Wasáàpù náà ń bẹ. Bí o bá ju àwòrán káàdì sínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì yín, o ti pe gbogbo ẹgbẹ́ náà, àti àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí. Àwọn mo-gbọ́-mo-yà ò nílò ìwé ìpè mìíràn. Orúkọ ni kí o jẹ́ kí a kọ sórí àwòrán kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye àga, kí o sì fi í ránṣẹ́ sí olúkúlùkù lọ́tọ̀. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ méjì ni. Fún àwọn tí kò sí lórí ìwé 112, àwòrán yìgì nìkan ni kí o fi ránṣẹ́, kí gbọ̀ngàn má sí lórí rẹ̀ rárá.

Kí o tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, gba ẹyọ kan kí o kà á sókè. Ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà ọlọ́ṣọ̀ọ́ tó ń wu àwọn ìyàwó kò ní “ẹ́”, “ọ̀” àti “ṣ” nínú. Ẹ̀rọ á fi lẹ́tà mìíràn dí i, tàbí kó fi àpótí òfìfo síbẹ̀, àmì ohùn á sì ṣubú. Mo ti rí “ọkọ” tó di “ọkọ̀” lójú káàdì, tí ìyàwó wá dà bí ẹni tó ń fẹ́ mọ́tò. Bí atẹ̀wé bá sọ fún ọ pé àmì kò ṣe pàtàkì, pé wọ́n á mọ̀ ọ́n kà, mú irú lẹ́tà mìíràn tàbí kí o mú atẹ̀wé mìíràn.